Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Olùdíwọ̀n Ìdíje Àròkọ

Ẹ̀yin àgbà Ìgbìmọ̀,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìkéde tí ẹ fi síta nípa ìdíje tó ń bọ̀, òun ló sì mú mi kọ̀wé sí yín ní gbangba, torí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ń díwọ̀n àròkọ lóde òní, kò mọ sọ́dọ̀ tiwa nìkan. Ẹ ní ẹ ó máa fi irinṣẹ́ kan yẹ àròkọ wò. Èyí tí irinṣẹ́ náà bá ní ó lé ní ìdá 50 nínú 100 tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, irú ChatGPT, ẹ ó yọ ọ́ kúrò, kò sì ní sí ìjíròrò. Lẹ́yìn náà ẹ to àmì mẹ́ta sílẹ̀ tí àwa òǹkàwé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́: ọ̀rọ̀ àsopọ̀ tó ṣófo, ìpínrọ̀ tó gùn dọ́gba-dọ́gba, àti ọ̀rọ̀ ńláńlá tí kò ní ẹ̀rí.

Mo fara mọ́ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ ṣe tò wọ́n ni n kò fara mọ́. Èyí tó yá wa lójú láti rí lẹ fi ṣáájú, èyí tó wúlò jù lọ lẹ fi kẹ́yìn, ẹ sì wá gba irinṣẹ́ láàyè láti dájọ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ àsopọ̀ ná. “Síwájú sí i.” “Pẹ̀lúpẹ̀lù.” “Ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé.” “Ní àkótán.” Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn, àwa olùkọ́ gan-an la sì fi kọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá kọ “nítorí náà” ti jẹ gbèsè: ó ti sọ fún mi pé ohun tó fẹ́ sọ yìí, inú ohun tó ti sọ tán ló ti jáde, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó bóyá lóòótọ́ ni. Ẹni tó kọ “síbẹ̀” náà jẹ gbèsè, torí ó ní nǹkan méjì takora. Ṣùgbọ́n kí ni “síwájú sí i” jẹ mí? Kò jẹ mí ní nǹkan kan ju pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Nínú àròkọ tí ẹ̀rọ kọ, irú ẹ̀yí tí kì í jẹ gbèsè ló máa ń pọ̀. Nígbà tí “nítorí náà” bá sì fara hàn, ẹ yẹ gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀ wò dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà ẹ kò ní rí ìdí kankan níbẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n tún sọ lọ́nà mìíràn.

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà dán èyí wò, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Mo máa ń tẹ àròkọ náà sórí ìwé, mo máa ń gé àwọn ìpínrọ̀ àárín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo máa ń fi tàdáwà pa ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan rẹ́, mo sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé e fún ẹlòmíràn kó tò ó padà. Bí àròkọ náà bá ní okùn nínú, ẹni náà á tò ó bó ṣe wà tàbí kó sún mọ́ ọn, torí ìpínrọ̀ kan á máa dárúkọ ohun tí òmíràn ti ṣàlàyé. Bí kò bá ní, gbogbo ètò tí ẹni náà bá tò ni yóò bá a mu. Àwọn ìpínrọ̀ náà jọ tò lórí ìlà ni, wọn ò bí ara wọn.

Lórí gígùn ìpínrọ̀, n kò ní pẹ́. Ẹni tó mọ nǹkan máa ń dúró pẹ́ níbi tó dùn mọ́ ọn tàbí tó ṣòro, á sì fi gbólóhùn kan ré kọjá níbi tí kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ kì í sáábà ní ibi tó dùn mọ́ ọn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń fún kókó kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn mẹ́rin: ìkíní kéde, ìkejì ṣàlàyé, ìkẹta mú àpẹẹrẹ tí kò lórúkọ wá, ìkẹrin tún ìkíní sọ. Gbólóhùn kẹrin yẹn ni kí ẹ máa wò. Ẹ fi ìka bò ó, kí ẹ ka ìpínrọ̀ náà láìsí i. Bí nǹkan kan kò bá sọnù nínú gbogbo ìpínrọ̀, léraléra, ẹ ti rí ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn náà ń kọ báyìí. A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn pé ìpínrọ̀ márùn-ún ni àròkọ: ìfáárà, kókó mẹ́ta, ìgúnlẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé ohun tí a kọ́ ọ yóò jọ ẹ̀rọ. Kí la fẹ́ ṣe fún un, ká lé e nítorí pé ó gbọ́ràn? Àmì méjì àkọ́kọ́ yìí lágbára bí ènìyàn bá ń wo òkìtì ìwé. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí kan wo àkótán ìwádìí ìṣègùn tó lé ní mílíọ̀nù 14, wọ́n sì rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣàdéédé pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ChatGPT jáde ní ìparí ọdún 2022. Wọ́n fojú bù ú pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá àkótán ọdún 2024 ni ẹ̀rọ ti ní ọwọ́ nínú. Ìṣirò tó mọ́gbọ́n dání ni fún òkìtì. Kò lè sọ fún yín bóyá àkótán kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ yín wà lára ìdá náà. Ẹnì kan lè fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Àmì kẹta ni mo fẹ́ ká gbájú mọ́. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí lórí kókó “Ìdí tó fi yẹ ká máa fọ ọwọ́”. Èmi ni mo kọ ọ́ láti fi ṣe àfarawé irú èyí tí mò ń rí, torí n kò fẹ́ fi iṣẹ́ olùdíje kankan ṣe ẹlẹ́yà:

“Fífọ ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan gbòógì lára àwọn ìwà tó ń kó ipa ribiribi nínú ìlera àwùjọ. Ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé ó ń mú àyípadà rere tó jọjú bá ìgbé ayé ẹ̀dá. Síwájú sí i, àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń fi ìpìlẹ̀ tó dúró ṣinṣin lélẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo wa, lọ́mọdé lágbà, fi ọwọ́ pàtàkì mú un.”

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn. Kí gbólóhùn kan tó lè jẹ́ irọ́, ó gbọ́dọ̀ ti sọ nǹkan. Ìwádìí wo? Ta ló ṣe é, lára àwọn wo, lọ́dún wo? “Àyípadà tó jọjú” yìí, báwo ló ṣe tó? Àwọn onímọ̀ wo ló gbà, ṣé ẹnì kankan sì wà tí kò gbà? Ẹ wá mú “fífọ ọwọ́” kúrò, kí ẹ fi “kíkàwé” rọ́pò rẹ̀. Gbogbo gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dúró. Ẹ fi “eré ìdárayá” síbẹ̀, ẹ fi “oorun” síbẹ̀, wọn ò yẹ̀. Ìpínrọ̀ tó bá gba kókó mẹ́rin láìyẹ̀, kò sí èyí tó ń sọ nínú wọn. Ẹ tún lè yí i padà: ṣé ẹnì kan wà láyé tó máa dìde láti jiyàn pé fífọ ọwọ́ kò ní ipa kankan nínú ìlera? Bí kò bá sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ kankan.

Ní báyìí, ẹ ka èyí, lórí kókó kan náà:

“Ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà nílùú Fiẹ́nà, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí nínú ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí ló wà nínú èkejì, ikú àwọn ìyálọ́mọ sì pọ̀ fíìfíì nínú ti àwọn dókítà. Ignaz Semmelweis, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò mọ ìdí. Lọ́dún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣèèṣì gún un níbi tí wọ́n ti ń la òkú wò, ohun tí wọ́n sì rí lára rẹ̀ jọ ti àwọn ìyálọ́mọ tó ń kú. Semmelweis wá ro ó pọ̀: yàrá òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ kí wọ́n tó wá gbẹ̀bí, àwọn agbẹ̀bí kì í sì í débẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi omi tó ní kiloráìnì fọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹrin, nǹkan bí ìyálọ́mọ 18 nínú 100 ló ti kú ní wọ́ọ̀dù náà. Ní oṣù Kẹfà, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2.”

Kò sí “síwájú sí i” níbẹ̀, kò sì sí “nítorí náà”, síbẹ̀ ẹ kò lè gbé gbólóhùn kan kúrò ní ààyè rẹ̀. Ikú Kolletschka kò lè ṣáájú ìbéèrè, àṣẹ kò lè ṣáájú ìrònú. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kò lè fi “kíkàwé” rọ́pò “fífọ ọwọ́” nínú rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwa adájọ́ ni pé òǹkọ̀wé náà ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò: bí ọdún náà kì í bá ṣe 1847, tàbí tó jẹ́ pé kì í ṣe 18, a ó mú un. Ẹni tó kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kò sí ibi tí a ti lè mú un. Ó tún ṣí ìlẹ̀kùn ìbéèrè fún wa. Mo lè pe ọmọ náà kí n bi í pé, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà ayé Semmelweis fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Bó bá ti ka ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, á ní nǹkan láti sọ: pé nígbà yẹn kò tíì sẹ́ni tó mọ kòkòrò àrùn, pé Semmelweis kò lè ṣàlàyé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, pé ta ló sì fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ òun ló ń pa aláìsàn òun?

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀rọ fi máa ń yàn ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kọ́kọ́ ń kọ́ láti inú ìwé rẹpẹtẹ bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo ibi mu ló sì sáábà máa ń ṣeé ṣe jù. “Kó ipa pàtàkì” ti wà lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kókó, “ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan” kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ènìyàn a máa wo ìdáhùn méjì pọ̀ láti yan èyí tó wù wọ́n, wọ́n á sì fi yíyàn náà tún ẹ̀rọ kọ́. Ẹni tó ń yan ìdáhùn lẹ́yìn ìdáhùn láti àárọ̀ máa ń fẹ́ràn èyí tó mọ́ tónítóní, tó tò létòlétò, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. (Mo mọ̀, torí bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe máa ń ka àròkọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.) Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ráyè lọ wádìí ọdún 1847. Èyí tó dùn létí ló yege, ẹ̀rọ sì kọ́ ohun tó yege.

N kò fẹ́ tàn yín jẹ o. Ìpínrọ̀ kejì yẹn, ẹ̀rọ lè kọ irú rẹ̀ bí ẹni tó ń lò ó bá ní kó mú orúkọ àti ọdún wá, torí ìtàn Semmelweis wà káàkiri nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí kókó bá jìnnà sí ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì fi dandan lé e pé kó mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rọ lè hùmọ̀ rẹ̀. Ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní kí àwọn lọ́yà méjì àti ilé iṣẹ́ wọn san owó ìtanràn 5,000 dọ́là, nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ wá síwájú rẹ̀. Orúkọ wà lórí àwọn ẹjọ́ náà, nọ́ńbà wà lórí wọn, àyọlò wà nínú wọn. Ẹjọ́ ọ̀hún ni kò sí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé ẹ máa ka iye orúkọ àti ọdún kí ẹ sì fún wọn ní máàkì. Ẹ yan méjì péré nínú ohun tí òǹkọ̀wé sọ, kí ẹ lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé wò ló lè jẹ́ ká rí irọ́. Ìpínrọ̀ aláfẹnujẹ́ nìkan ni kò lè purọ́, kò sì lè sọ òótọ́.

Ó wá ku irinṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bó ṣe rọrùn tó láti méfò ọ̀rọ̀ tó kàn nínú gbólóhùn. Bó bá rọrùn jù, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọrùn láti méfò ju ẹni tó ń fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ̀wé, tí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kò pọ̀, tó sì ń tẹ̀ lé òfin kó má baà ṣìṣe? Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sítáńfọ́ọ̀dù kó àròkọ 91 tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọ fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi irinṣẹ́ méje yẹ̀ ẹ́ wò. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba, àwọn irinṣẹ́ náà fẹ̀sùn ẹ̀rọ kan èyí tó lé ní 60 nínú 100. Àròkọ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà, tí èdè náà jẹ́ tiwọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹ̀sùn kankan. OpenAI tó ni ChatGPT fúnra wọn gbé irinṣẹ́ tiwọn jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Nínú ìṣirò tí àwọn fúnra wọn fi síta, 26 péré ló dá mọ̀ nínú 100 iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì purọ́ mọ́ 9 nínú 100 iṣẹ́ ènìyàn. Ní oṣù Keje wọ́n ká a kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kò péye tó.

Ẹ ro ti 9 nínú 100 yẹn wò nínú ìdíje tí àròkọ 300 bá wọlé sí, tí gbogbo wọn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Olùdíje bíi 27 lẹ máa lé lọ, láìjẹ̀bi, láìsí ìjíròrò. Mo mọ̀ pé irinṣẹ́ ọdún yìí kì í ṣe ti 2023, olùtajà yín á sì ti sọ fún yín pé tirẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kó fi han yín lórí àròkọ irú àwọn ọmọ tó ń bá wa díje, lédè tí wọ́n fi ń kọ̀wé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nínú ìwé ìdíwọ̀n wa. Máàkì 40 ló wà fún ètò àti ìsopọ̀ ìpínrọ̀ nínú rẹ̀, 15 ló wà fún ẹ̀rí. Ìyẹn ni pé ìpínrọ̀ fífọ ọwọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ sókè yìí lè gba máàkì tó pọ̀ lọ́wọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó sọ. Kí a tó máa wá ẹni tó fi ẹ̀rọ kọ̀wé, a ti ń san owó ọ̀yà fún ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ wọn: kí ẹ̀rí di 40. Kí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá lè gba kókó mìíràn láìyẹ̀, kó má sì fún un ní máàkì kankan, yálà ènìyàn ló kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ. Kí ọmọ kan tó kọ ìpínrọ̀ méjì tó gùn àti mẹ́rin tó kúrú má ṣe pàdánù máàkì fún un mọ́. Àwọn tó bá dé ìpele ìkẹyìn, ẹ pè wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a bi wọ́n léèrè nípa ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ: níbo lo ti rí i, kí ló sì wà níbẹ̀ tí o kò kọ? Mo ti jókòó sírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀dà ìwé ìdíwọ̀n tí mo tún tò ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé yín. Kí ẹ tó gbà á tàbí kọ̀ ọ́, ẹ fi díwọ̀n ogún àròkọ ti ìdíje tó kọjá, kí ẹni tí kò mọ máàkì àtijọ́ ṣe é, kí ẹ wo àwọn tó máa yí ipò padà. Mo ṣe tán láti wà lára àwọn tó máa kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé ìpele kìíní